60,000 ni mo rò, 145,000 ló ná mi: bí mo ṣe fi ohùn Yorùbá bo fíìmù Gẹ̀ẹ́sì

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Fíìmù kékeré ni, ìṣẹ́jú 18 péré: ọmọkùnrin kan ti ìlú òkèèrè dé sí ìsìnkú bàbá rẹ̀. A fẹ́ fi han àwọn ìyá opó ní Ìjọ̀kà, níbí ní Àkúrẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, èyí tí à ń kà lábẹ́ àwòrán, ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ọjọ́ méjì ni, kò ná mi ní nǹkan kan. Mo fi han ìyá mi àgbà. Kí wọ́n tó ka ìlà kìíní tán, ìlà kejì ti dé. Wọ́n ní, "Ṣé ìwé ni mo wá kà ni, àbí ìran ni mo wá wò?" Ojú ọmọ náà tó ń gbọ̀n, wọn ò rí i rárá. Mo bá gba sítúdíò lọ.

Ẹni tó fún wa ní fíìmù kò ya ohùn sọ́tọ̀. Òjò, ìró ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu, ojú kan náà ni gbogbo wọn wà. Bí o bá pa Gẹ̀ẹ́sì, o pa òjò náà. A tún gbogbo ìró ṣe fúnra wa: sílípáàsì lórí sìmẹ́ńtì, ìrẹsì tí a ń dà sórí àwo fún òjò. (Òjò wa dùn ju ti fíìmù lọ, ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀.) Ọjọ́ méjì tí a rò di márùn-ún, sítúdíò sì ń ka wákàtí.

Àmọ́ gbólóhùn kan ló pa wá jù. Ọmọ náà dúró níwájú ìyá rẹ̀, ó ní, "Sọ́rì, mọ́ọ̀mù." Ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú rẹ̀ sì kún gbogbo àwòrán. Mo kọ "Ẹ má bínú, mọ̀mí." Òṣèré wa sọ ọ́ dáadáa, ni obìnrin tó ń bá wa ṣe ìró bá béèrè pé, "Kí ló fi ṣẹ ìyá rẹ̀?" Òótọ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ kan náà tọrọ àforíjì, ó sì ń fi kẹ́dùn. Yorùbá ò gbà bẹ́ẹ̀.

Mo yí i sí "Ẹ pẹ̀lẹ́, mọ̀mí." Ìtumọ̀ tọ́, ṣùgbọ́n p ń pa ètè dé, ètè ọmọ inú fíìmù sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀. Odidi ọ̀sán kan lọ lórí èyí. Ìgbà tó yá ni "Ẹ rọ́jú, mọ̀mí" sọ sí mi lọ́kàn: kò sí ibi tí ètè ti pàdé títí dé m, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì gẹ́lẹ́.

Òṣèré wa, ọmọ orí ìtàgé, wá ń bú u jáde bíi kíké ìbọsí. A ní kó rẹ ohùn sílẹ̀. Èémí tí ọmọ náà fà kí ó tó sọ̀rọ̀, a fi ti fíìmù gan-an sílẹ̀, torí òjò ò rọ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìran, bó ṣe ní "Ẹ rọ́jú," ìyá kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "A dúpẹ́, ọmọ mi." Àwọn ọ̀dọ́ tó wo ti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ní àwọn fẹ́ràn ohùn ọmọ náà fúnra rẹ̀ jù, mi ò sì bá wọn jiyàn.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìró àti ọ̀rọ̀ wà lọ́tọ̀ kí ẹ tó bá sítúdíò dá iye owó. Èmi ò béèrè. Mo ṣì ń jẹ gbèsè 20,000 nínú rẹ̀.