Kíkọ ìdánwò aláṣàyàn tó ń fi àṣìlóye hàn láti inú orí ìwé ẹ̀kọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Mo ka orí tó dá lórí nọ́ńbà onídẹ́símà tán, mo sì kọ ogún ìbéèrè jáde látinú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rin. Nígbà tí mo máàkì rẹ̀, mo mọ ẹni tó gbà á àti ẹni tí kò gbà á, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn tí kò gbà á. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látorí gbólóhùn inú ìwé yóò kọ́kọ́ rí ìdáhùn tó tọ̀nà, lẹ́yìn náà ni yóò wá mẹ́ta mìíràn tí yóò fi dí àyè. Mẹ́ta yìí ni kì í sọ ohunkóhun fún olùkọ́. Ẹ tún orí náà kà lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ máa wá ibi tí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò ti ṣì í lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká mú apá tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fi nọ́ńbà onídẹ́símà wéra. Akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ pé nínú nọ́ńbà odidi, èyí tó bá gùn jù ló tóbi jù: 248 ju 36 lọ, 36 sì ju 5 lọ. Ó gbé òfin yìí wọ inú ẹ̀kọ́ tuntun, ó sì sọ pé 0.248 tóbi ju 0.5 lọ. Òmíràn gbọ́ nínú orí kan náà pé ìdá ẹgbẹ̀rún kéré ju ìdá mẹ́wàá lọ, òótọ́ sì ni, ló bá rò pé nọ́ńbà tó bá ti gùn dé ìdá ẹgbẹ̀rún gbọ́dọ̀ kéré ju èyí tó dúró sí ìdá mẹ́wàá. Ẹnì kẹta mọ̀ pé 07 àti 7 kò yàtọ̀, nítorí náà ó yọ òdo tó tẹ̀ lé àmì dẹ́símà kúrò, 0.07 sì di 0.7 lójú rẹ̀. Mo máa ń fún òfin kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kúkúrú kan: «gígùn», «kúkúrú» àti «òdo».

Ẹ wo iṣẹ́ ṣíṣe tó wà ní ìparí orí náà pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà tí díjíìtì wọn lẹ́yìn àmì dọ́gba ló pọ̀ jù níbẹ̀, bíi 0.45 àti 0.32, òfin «gígùn» yóò máa mú ìdáhùn tó tọ̀nà jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ohun tí yóò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà pé òye rẹ̀ kò tíì tọ́.

Bí ẹ kò bá tíì mọ àṣìlóye tó wà nínú orí kan, ẹ má ṣe jókòó máa fọkàn yàwòrán rẹ̀. Ẹ fún bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ní ìbéèrè náà láìfi ìdáhùn kankan sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi dáhùn bẹ́ẹ̀ ní gbólóhùn kan. Inú gbólóhùn wọn ni ẹ ó ti rí òfin náà, ní èdè àwọn tó ń lò ó.

Ìbéèrè: Mo wá kọ èyí: «Èwo ló tóbi jù? (a) 0.5 (b) 0.36 (d) 0.248 (e) 0.19». Gbogbo kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ló kùnà nígbà tí mo ní kí wọ́n to nọ́ńbà láti orí èyí tó kéré jù.

Ìdáhùn: Ẹ fi òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ìbéèrè yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ẹ̀yin gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà á gbọ́. Ẹni tó ń lo «gígùn» yóò yan (d), ìyẹn sì dára, nítorí ẹ ti rí i. Ẹni tó ń lo «kúkúrú» yóò yan (a), nítorí òun ló kúrú jù, òun náà sì ni ìdáhùn tó tọ̀nà. Ẹni tó ń lo «òdo» kò rí òdo kankan tí yóò yọ, nítorí náà òun pẹ̀lú yóò yan (a). Kò sì sí òfin kankan tó gbé ẹnikẹ́ni dé (b) tàbí (e). Ìbéèrè yìí fi àṣìlóye kan hàn, ó sì fún méjì ní máàkì.

Ní tèmi, àléébù yìí burú ju ìdáhùn tí ẹnikẹ́ni kò yàn lọ, nítorí pé ó ń fi olùkọ́ lọ́kàn balẹ̀ lórí ohun tí kò tíì yé akẹ́kọ̀ọ́. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ìdáhùn tó tọ̀nà má ṣe jẹ́ èyí tó gùn jù, kó má sì jẹ́ èyí tó kúrú jù. Ẹ jẹ́ ká fi 0.47 ṣe é. Fún «kúkúrú», a nílò nọ́ńbà olódíjíìtì kan tó kéré sí i, a mú 0.4. Fún «gígùn», a nílò olódíjíìtì mẹ́ta tó kéré sí i, a mú 0.389. Fún «òdo», a nílò nọ́ńbà tó kéré gan-an, ṣùgbọ́n tí yóò ju 0.47 lọ bí a bá yọ òdo rẹ̀, a mú 0.09. Ìbéèrè náà wá di báyìí:

Èwo ló tóbi jù? (a) 0.4 (b) 0.47 (d) 0.389 (e) 0.09

Ẹ tún fi òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lò ó, kí ó lè dá yín lójú pé ibì kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan balẹ̀ sí. «Gígùn» ka (e) sí 9, kò sì lè borí 389. «Kúkúrú» rí i pé díjíìtì méjì ni (e) ní, ó sì fi 0.4 ṣáájú rẹ̀. Ìyẹ̀wò yìí kì í ṣe àṣejù. Ká ní 0.04 ni mo fi sí (e), yóò di 0.4 lójú ẹni tó ń lo «òdo», kò ní tó 0.47, ẹni náà yóò sì yan ìdáhùn tó tọ̀nà láìjẹ́ pé ó yé e.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ kan yan 0.389. Ṣé mo lè sọ pé òfin «gígùn» ló ń lò?

Ìdáhùn: Ẹ kò tíì lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kàn fọwọ́ méfò pàápàá yóò bọ́ sórí ìdáhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́rin. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta tí òfin kan náà ní ìdáhùn tirẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì tú wọn ká sáàárín àwọn ìbéèrè mìíràn. Ẹni tó ń méfò yóò bọ́ sórí «gígùn» nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìgbà 64.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n jọra jù. Bí ìdáhùn tó tọ̀nà bá jẹ́ olódíjíìtì méjì ní gbogbo ìgbà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i, yóò sì máa tẹ̀ lé ìyẹn. Nínú èkejì, ẹ lè jẹ́ kí olódíjíìtì mẹ́ta tọ̀nà:

Èwo ló tóbi jù? (a) 0.6128 (b) 0.08 (d) 0.735 (e) 0.7

Nínú ẹ̀kẹta, ẹ béèrè èyí tó kéré jù:

Èwo ló kéré jù? (a) 0.25 (b) 0.3 (d) 0.08 (e) 0.412

Níhìn-ín, «gígùn» yóò yan 0.3, «kúkúrú» yóò yan 0.412. «Òdo» yóò ka 0.08 sí 0.8, yóò gbé e sọnù, yóò sì mú 0.25. Ẹ kọ orúkọ òfin sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìmáàkì yín, kí ó lè jẹ́ orúkọ òfin ni ẹ ó máa kà fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe iye tó gbà nìkan.

Ìbéèrè: Nínú ìbéèrè kan, ẹnikẹ́ni kò yan ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn mi. Ṣé kí n fi «gbogbo wọn tọ̀nà» rọ́pò rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yan «gbogbo wọn tọ̀nà» kò sọ òfin tó lò fún yín. Ẹ yọ ìdáhùn náà kúrò, kí ìbéèrè yẹn ku mẹ́ta. Kò sí òfin tó sọ pé ó gbọ́dọ̀ pé mẹ́rin.

Ìbéèrè: Nínú ìbéèrè «Èwo ló kéré jù?» yẹn, àwọn tó mọ̀ jù ní kíláàsì ló yan 0.412, bẹ́ẹ̀ wọn kò ṣe irú àṣìṣe «kúkúrú» yẹn níbòmíràn.

Ìdáhùn: Ẹ pe méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é, kí ẹ má sì jẹ́ kí ojú yín sọ fún wọn bóyá wọ́n gbà á tàbí wọn kò gbà á. Ohun tí ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ ni pé wọ́n ka «kéré jù» sí «tóbi jù», pàápàá bí ìbéèrè tó ṣáájú bá béèrè èyí tó tóbi jù. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà náà: 0.412 ló tóbi jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lóòótọ́. Ìdáhùn kan ṣoṣo wá ń gba ẹni tí òye rẹ̀ lòdì àti ẹni tó kánjú kàwé.

Ẹ fi 0.45 kún un gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn (ẹ). Ẹni tó ṣi ìbéèrè kà yóò lọ síbẹ̀, nítorí òun ló wá tóbi jù, kò sì yí ibi tí òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń balẹ̀ sí padà. Ẹ tún lè fa ìlà sábẹ́ «kéré jù». Èmi a máa ṣe méjèèjì.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé ó ti yé e nìyẹn?

Ìdáhùn: Kò dájú. Bí orí ìwé náà bá ti kọ́ wọn láti fi òdo kún ìparí nọ́ńbà títí gbogbo wọn yóò fi gùn dọ́gba, akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ wọ́n di 0.400, 0.470, 0.389 àti 0.090, kí ó sì kà wọ́n bíi 400, 470, 389 àti 90. Yóò gbà á ní gbogbo ìgbà, òye nọ́ńbà odidi ni yóò sì máa lò lọ. Ìdáhùn tó wà nínú ìbéèrè mẹ́ta yẹn kò lè mú un, ìbéèrè mìíràn la nílò fún un:

Nọ́ńbà mélòó ló wà láàárín 0.47 àti 0.48? (a) Kò sí rárá (b) Mẹ́sàn-án (d) Wọn kò lóǹkà

Ẹni tó ń ka 47 àti 48 yóò yan (a). Ẹni tó fi òdo kan kún un, tó sì ka 471 títí dé 479, yóò yan (b). Ẹni tó bá yan (d) ni kí ẹ ní kó kọ nọ́ńbà kan tó wà láàárín 0.471 àti 0.472.