Bí mo ṣe mú akẹgbẹ́ wa tuntun wọ inú ìtàkùrọ̀sọ ìpàdé tó ti ń lọ

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àwa márùn-ún ti fi ń kọ ímeèlì síra wa lórí ọjọ́ tí a ó ṣe ìpàdé àyẹ̀wò iṣẹ́ wa, lẹ́tà ibẹ̀ sì ti di 23, nígbà tí ẹni tuntun kan dé ẹ̀ka wa tí ọ̀gá mi ní kí n mú un wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ì bá yá jù ni kí n tẹ "Reply all", kí n fi àdírẹ́sì rẹ̀ sí "Cc", kí n sì ní kí ó ka ohun tó wà nísàlẹ̀. N kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí a ti pa tì ni ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá pàdé, ó sì lè ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó dé ibi tí a ti yí i padà.

Mo ka gbogbo lẹ́tà náà láti orí èkíní. Mo kọ orúkọ àwa márààrún sórí ìwé, mo sì kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ kẹ́yìn síwájú orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ohun tí mo rò pé a ti fẹnu kò sí kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Ọjọ́bọ̀ ní aago 10 àárọ̀ ti dúró, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni mẹ́ta péré, tí èmi náà wà nínú wọn, ló gbà á ní gbangba. Ẹnì kẹrin ti gba Ọjọ́bọ̀ nígbà tí ó ṣì jẹ́ aago 9. Láti ìgbà tí a ti sún un sí aago 10, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ẹnì karùn-ún tẹ "Reply" dípò "Reply all", nítorí náà èmi nìkan ni mo rí èsì rẹ̀: aago 10 tẹ́ ẹ lọ́rùn, àmọ́ kò lè kọjá aago 11 ààbọ̀ nítorí pé ó fẹ́ lọ rí dókítà.

Dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà, nítorí náà mo kọ̀wé sí ẹnì kẹrin pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ọjọ́bọ̀ ṣì bá yín mu lẹ́yìn tí a ti sún un sí aago 10?" Ó fèsì kí wákàtí kan tó pé pé ó bá òun mu. Mo bi ẹnì karùn-ún bóyá mo lè sọ fún àwọn yòókù. Ó ní kí n sọ aago, kí n má sọ ìdí rẹ̀.

Kí n tó fi àdírẹ́sì ẹni tuntun náà sí i, mo yọ àwọn lẹ́tà àtijọ́ tí ímeèlì máa ń tò sábẹ́ èsì, nítorí pé ẹni méjì ti bá ara wọn wíjọ́ nínú ọ̀kan lára wọn lórí iṣẹ́ tó pẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì kan àlejò. N kò fọwọ́ kan àkọlé lẹ́tà, nítorí pé tí a bá yí i padà, àpótí ímeèlì lè ya èsì wa sọ́tọ̀ bí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo tún so fáìlì ètò ìpàdé mọ́ ọn, torí pé fáìlì kì í bá èsì rìn bí kò ṣe pé a tún so ó. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹgbẹ́ wa tuntun ti wà láàárín wa láti òní, òun ni yóò sì máa ṣe àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ẹ káàbọ̀. A ti fẹnu kò sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14, láti aago 10 sí aago 11 ààbọ̀ àárọ̀, lórí fídíò. A kò ní lè kọjá àkókò yẹn. Ẹnì kan dábàá pé kí ìròyìn ìnáwó ṣáájú, ṣùgbọ́n a kò tíì pinnu. A ti pa ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 12, tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa kí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 11, tó parí bóyá àkókò náà bá yín mu. Bí mo bá ṣi ohunkóhun kọ, kí ẹni tó bá rí i tún un ṣe níbí."

Mo mọ̀ọ́mọ̀ dárúkọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí pé ó wà nínú ẹ̀dà fáìlì kan tí ẹlòmíràn lè fi ránṣẹ́ sí i. Mo sì ya àbá sọ́tọ̀ kúrò lára ìpinnu, kí ó má baà rò pé ọ̀rọ̀ ìnáwó ti parí.

Ó ku kàlẹ́ńdà, torí pé fífi ènìyàn kún ímeèlì kò fi í kún ìpàdé tó wà lórí kàlẹ́ńdà. Nígbà tí mo ṣí i láti fi àdírẹ́sì rẹ̀ sí i, aago 9 ni mo bá níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí yí i padà láti ìgbà tí a ti sún un. Mo yí i sí aago 10, mo fi parí rẹ̀ sí aago 11 ààbọ̀, mo sì fi ìwé ìpè tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, akẹgbẹ́ wa tuntun fèsì pé àkókò náà bá òun mu, ó sì béèrè ẹni tí yóò mú ìròyìn ìnáwó wá. Ẹnì kẹrin ló dá a lóhùn.