Pẹ́ẹ̀nì lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, kọ́sọ̀ lójú láptọ́ọ̀pù: bí a ṣe ń tò ó tí méjèèjì á fi pàdé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì oní-síkíríìnì yàwòrán, èyí tẹ́ ẹ máa ń gbé pẹ́ẹ̀nì lé ojú àwòrán gan-an, ẹ máa mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, àwòrán jáde dáadáa, ẹ wá gbé pẹ́ẹ̀nì lé e, kọ́sọ̀ ò sí níbẹ̀ rárá, ojú láptọ́ọ̀pù ló ti ń sáré kiri. Tàbí kó wà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì lóòótọ́ àmọ́ kó jìnnà sí ẹnu pẹ́ẹ̀nì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ sáré ṣe ni pé wọ́n á lọ tẹ Calibrate, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fi pẹ́ẹ̀nì tẹ àwọn àmì kan kí kọ́sọ̀ lè bá ẹnu ẹ̀ mu, wọ́n á tẹ àwọn àmì yẹn tán, kò ní yanjú, ó tiẹ̀ lè burú sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan Calibrate. Òun ló máa kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tọ́rọ̀ ti wá. Nǹkan méjì ló ń lọ láàárín tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn àti kọ̀mpútà. HDMI ló ń gbé àwòrán wá, USB ló ń gbé ọ̀rọ̀ pẹ́ẹ̀nì lọ, kódà tó bá jẹ́ wáyà USB-C kan ṣoṣo lẹ fi so ó, méjèèjì ò dà pọ̀ nínú ẹ̀. Ohun tí pẹ́ẹ̀nì ń sọ fún kọ̀mpútà ò ju pé "mo wà ní ìdajì láti apá òsì, mo wà ní ìdá mẹ́rin láti òkè" lọ. Kì í sọ pé síkíríìnì báyìí ni mo wà. Dáfà, ìyẹn sọ́fútíwíà tábúlẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi sórí kọ̀mpútà, ló yẹ kó mọ̀yẹn, ẹ̀yin lẹ sì máa sọ fún un, tẹ́ ò bá sọ, ó lè mú gbogbo síkíríìnì tó wà nílẹ̀ kó kà wọ́n sí pátákó gbọọrọ kan, kó wá pín ìrìn pẹ́ẹ̀nì yín sórí gbogbo ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ kó lè yé wa. Ká ní láptọ́ọ̀pù yín fẹ̀ tó 1366 píksẹ́lì, ó ga ní 768, òun ló wà lápá òsì. Tábúlẹ́ẹ̀tì wà lápá ọ̀tún, 1920 ní ìfẹ̀, 1080 ní gíga. Àpapọ̀ ìfẹ̀ méjèèjì jẹ́ 3286. Ẹ gbé pẹ́ẹ̀nì sí àárín gbùngbùn tábúlẹ́ẹ̀tì: kọ̀mpútà á mú ìdajì 3286, ìyẹn 1643, ẹ yọ 1366 ti láptọ́ọ̀pù kúrò níbẹ̀, ó ku 277. Píksẹ́lì 960 ló yẹ kí kọ́sọ̀ wà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, 277 ló wà, ó ti fi 683 sún sápá òsì. Ẹ wá gbé pẹ́ẹ̀nì lọ sí etí ọ̀tún pátápátá, kọ́sọ̀ á bá a níbẹ̀ géérégé. Ẹ gbé e wá sí etí òsì, kọ́sọ̀ á ti wọ láptọ́ọ̀pù lọ títí dé etí òsì tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí i báyìí, pé ó péye ní etí kan tó wá ń jìnnà sí i bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sí etí kejì, ọ̀rọ̀ Calibrate kọ́ nìyẹn láéláé, ṣe ni wọ́n pín pẹ́ẹ̀nì sórí síkíríìnì méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé pẹ́ẹ̀nì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín, kí wọ́n wo bí kọ́sọ̀ ṣe ń ṣe, kí wọ́n tó ṣí ohunkóhun. Tó bá péye ní àárín tó wá ń jìnnà díẹ̀díẹ̀ lọ sí gbogbo etí, ẹ wo àwòrán náà dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ilà dúdú yí i ká, ìyẹn ni pé káàdì àwòrán ti sún un kéré. Tó bá jẹ́ pé ìwọ̀n kan náà ló fi ń yẹ̀ níbi gbogbo, bóyá ìbú ẹnu pẹ́ẹ̀nì péré, èyí gan-an ni iṣẹ́ Calibrate.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tò ó. Windows ni mo máa fi ṣe é torí òun ni ọ̀pọ̀ wa ń lò.

Tẹ́ ẹ bá ti lo tábúlẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ mìíràn rí lórí kọ̀mpútà yẹn, ẹ yọ dáfà ti tẹ́lẹ̀ kúrò, ẹ pa kọ̀mpútà kẹ́ ẹ tún un tàn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi dáfà tuntun sí i. Dáfà méjì tó ń bára wọn du pẹ́ẹ̀nì kan lè jẹ́ kí gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá tò máa yí padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú P, kẹ́ ẹ mú Extend. Ẹ lọ sí Settings, System, Display. Ẹ tẹ Identify, nọ́ńbà ńlá á jáde lójú síkíríìnì kọ̀ọ̀kan, ẹ rántí èyí tó jẹ́ ti tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ fa àwọn àpótí yẹn kí wọ́n tò bí síkíríìnì ṣe tò lórí tábìlì yín gan-an, tí tábúlẹ́ẹ̀tì bá wà lọ́tùn-ún kó wà lọ́tùn-ún níbẹ̀ náà. Ẹ wá tẹ àpótí tábúlẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Display resolution, ẹ mú èyí tí wọ́n kọ Recommended sí lára. Àwọn tí wọ́n rí ilà dúdú yípo àwòrán, ibí ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ wò, tí resolution bá ti péye tí ilà dúdú ò lọ, ẹ ṣí sọ́fútíwíà káàdì àwòrán yín kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń sún àwòrán kéré, ti AMD ń jẹ́ HDMI Scaling, ẹ dá a padà sí 0%.

Ẹ parí tìyẹn kẹ́ ẹ tó ṣí dáfà. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tò dáfà tán tẹ́ ẹ wá ń fa àpótí síkíríìnì kiri, ìwọ̀n tó mú tẹ́lẹ̀ lè má bá ti ìsinsìnyí mu mọ́, ẹ máa tún un ṣe ni.

Ẹ wá ṣí dáfà. Lára Wacom, ẹ ṣí Wacom Tablet Properties, ẹ mú tábúlẹ́ẹ̀tì yín, ẹ lọ síbi Calibrate, ẹ máa rí ibi tẹ́ ẹ ti máa mú Monitor, ẹ mú un kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀ ná. Lára Huion àti XP-Pen, ibi tí wọ́n ń pè ní Work Area ni kẹ́ ẹ wá, bí ẹ̀dà dáfà ṣe yàtọ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e kiri, àmọ́ ẹ máa rí àwòrán àwọn síkíríìnì níbẹ̀, ẹ mú ti tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan. Ẹ kíyè sí i pé nọ́ńbà inú dáfà lè má bá nọ́ńbà inú Windows mu, Windows lè pè é ní 2 kí dáfà pè é ní 1. Ẹ má bá nọ́ńbà jiyàn. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ gbé pẹ́ẹ̀nì lé e, tí kọ́sọ̀ bá lọ síbòmíì, ẹ mú ìkejì.

Ẹ tún gbé pẹ́ẹ̀nì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí kọ́sọ̀ bá ti ń bá a débi gbogbo, ó kù fẹ́ẹ́rẹ́.

Àmọ́ ó lè jẹ́ pé dáfà ti péye, síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa fà á lójú tábúlẹ́ẹ̀tì kí ilà máa jáde lójú láptọ́ọ̀pù. Ẹ wò ó bóyá Windows Ink, ìyẹn ọ̀nà tí Windows fúnra ẹ̀ fi ń gba ọ̀rọ̀ pẹ́ẹ̀nì, ló fà á: ẹ yọ àmì tó wà níwájú Windows Ink nínú dáfà, kẹ́ ẹ dán an wò. Tó bá péye báyìí, a jẹ́ pé Windows fúnra ẹ̀ ló gbà pé síkíríìnì mìíràn ló ni pẹ́ẹ̀nì. Ẹ lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ nínú àwọn áàpù tó ń gba agbára ìtẹ̀ látọ̀dọ̀ Windows Ink, ilà yín ò ní nípọn tàbí tín-ín-rín mọ́ bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, àfi kẹ́ ẹ lọ mú WinTab, ìyẹn ọ̀nà mìíràn tí áàpù fi ń gba ọ̀rọ̀ pẹ́ẹ̀nì, nínú áàpù yẹn. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni pé kẹ́ ẹ dá àmì yẹn padà kẹ́ ẹ sì ṣàtúnṣe ti Windows: ẹ ṣí Control Panel, ẹ wá Tablet PC Settings, ẹ tẹ Setup, ẹ mú ti pẹ́ẹ̀nì. Síkíríìnì kan á funfun, ọ̀rọ̀ á jáde lójú ẹ̀. Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù lọ̀rọ̀ náà wà, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ Enter lórí kíbọ́ọ̀dù kó sún síwájú. Tó bá wá dé ojú tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ fi pẹ́ẹ̀nì tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà yìí ló wá kan Calibrate. Gíláàsì wà láàárín ẹnu pẹ́ẹ̀nì àti ibi tí àwòrán wà gan-an, ìyẹn ni ojú yín ṣe máa rí i pé kọ́sọ̀ yẹ̀ díẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì yí orí padà, ìyẹ̀ náà á yí padà. Torí náà ẹ gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dúró bẹ́ ẹ ṣe máa ń gbé e tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ jókòó bẹ́ ẹ ṣe máa ń jókòó, ẹ di pẹ́ẹ̀nì mú bẹ́ ẹ ṣe máa ń dì í mú, kó dagun bó ṣe máa ń dagun, kẹ́ ẹ wá tẹ àárín àgbélébùú kọ̀ọ̀kan tó bá jáde. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó láti òkè, torí ẹ ò ní máa yàwòrán bẹ́ẹ̀. Tó bá burú jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ tẹ Default kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ní etí pátápátá, ìyẹ̀ díẹ̀ ṣì lè ṣẹ́ kù, pàápàá lára àwọn tí gíláàsì wọn ò lẹ̀ mọ́ síkíríìnì nísàlẹ̀, kò sí calibrate tó máa mú un lọ tán, ẹ kàn kó àwọn bọ́tìnnì kéékèèké áàpù yín kúrò létí yẹn.

Tó bá péye níbi gbogbo àmọ́ tó ń yẹ̀ nínú áàpù kan ṣoṣo, áàpù yẹn ni, pàápàá tí láptọ́ọ̀pù yín bá wà lórí Scale 125% tàbí 150% tí tábúlẹ́ẹ̀tì wà lórí 100%. Ẹ pa áàpù náà, ẹ tẹ ojú àmì ẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì, Properties, Compatibility, Change high DPI settings, ẹ fi àmì sí Override high DPI scaling behavior, ẹ mú Application, ẹ tún un ṣí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Linux lórí X11, tiyín yá ju tiwa lọ. Àkọ́kọ́ á fi orúkọ síkíríìnì hàn, ìkejì á fi nọ́ńbà pẹ́ẹ̀nì hàn, ìkẹta á so wọ́n pọ̀. Ẹ fi tiyín rọ́pò 14 àti HDMI-1:

```
xrandr --listactivemonitors
xinput list
xinput map-to-output 14 HDMI-1
```

Tẹ́ ẹ bá tún kọ̀mpútà tàn, ó máa pa á rẹ́, nọ́ńbà yẹn náà sì lè yí padà, torí náà orúkọ pẹ́ẹ̀nì tó wà nínú `xinput list` ni kẹ́ ẹ kọ dípò nọ́ńbà, nínú àmì ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì fi àṣẹ náà sínú ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá wọlé. Lórí Wayland, àṣẹ yìí ò ṣiṣẹ́, inú sẹ́tínsì tábúlẹ́ẹ̀tì ti GNOME tàbí KDE ni kẹ́ ẹ ti mú síkíríìnì.

Lórí Windows náà, tẹ́ ẹ bá yọ HDMI tẹ́ ẹ wá kì í bọ ojú ihò mìíràn, tàbí tẹ́ ẹ fi síkíríìnì kẹta kún un, àwọn síkíríìnì lè gba nọ́ńbà tuntun kí pẹ́ẹ̀nì tún ṣìnà. Ẹ padà sínú dáfà lọ mú síkíríìnì nìkan, kò sídìí láti tún Calibrate ṣe àyàfi tí ìyẹ̀ kékeré bá ṣì wà lẹ́yìn tó ti wọlé.