Ìgbà wo ló yẹ kí irun jáde nínú fídíò? Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa onídìrí àti onígbàjámọ̀

Lọ́jọ́ ìdána, aṣọ ló máa ń bo ìyàwó lójú nígbà tó bá ń wọlé. Wọn kì í ṣí i lẹ́nu ọ̀nà, wọn kì í sì í dúró dìgbà tí àwọn àlejò bá ti ń dìde lọ. Wọ́n á jẹ́ kí ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀ ná, wọ́n á wá ṣíjú rẹ̀, lẹ́yìn náà àyè á wà láti wò ó tẹ́rùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí fún fídíò tí a fi ń ṣàfihàn bí irun ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe dà lẹ́yìn tí a ṣe é tán. Mo ń rí irun tó dára gan-an tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, kìkì nítorí pé ìgbà tí wọ́n ṣíjú rẹ̀ kò bọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n mú fídíò kan tí ọmọ iṣẹ́ mi ṣe gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Irun wẹ́wẹ́ alátaṣímẹ́ǹtì tó gùn dé ìdí ni a dì fún oníbàárà náà, a sì lo wákàtí márùn-ún lórí rẹ̀. Sẹ́kọ́ńdù 45 ni fídíò ọ̀hún. Ó fi 6 àkọ́kọ́ kí ènìyàn, ó sì fi ṣàfihàn pátákó ṣọ́ọ̀bù. Irun tó rí wúruwùru tí oníbàárà gbé wá kò gbà ju sẹ́kọ́ńdù kan lọ. Dídì nìkan gba 36. Nínú méjì tó kù ni oníbàárà yíjú sí wa, ó rẹ́rìn-ín, fídíò sì parí.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ wà níbi sẹ́kọ́ńdù kan yẹn. Àfiwé ló ń mú kí ẹni tó ń wò ó pariwo, ojú kò sì lè fi ohun tí kò rí dáadáa wé ohunkóhun. Nígbà tí dídì fi máa pé sẹ́kọ́ńdù 36, ó ti gbàgbé bí irun náà ṣe rí tẹ́lẹ̀. Irun tuntun jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú rẹ̀ ó kàn dà bí ẹni pé ó ń wo irun ẹlòmíràn.

Èkejì ló tiẹ̀ burú jù, òun náà ni mo sì ń rí jù: fífi ìṣíjú sí òpin pátápátá. Ohun tí a ń rò ni pé ẹni tó bá fẹ́ rí i á dúró. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí fóònù. Lórí TikTok àti Instagram, bí fídíò bá ti parí, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, oníbàárà yíjú tán báyìí, pátákó ṣọ́ọ̀bù ló tún yọ. Lórí WhatsApp, sítátọ́ọ̀sì ẹlòmíràn ló máa tẹ̀ lé e. Ẹni tó fẹ́ wo bí ìlà orí ṣe tọ́ tàbí bí ìdí irun ṣe rí kò ráyè wò ó, bẹ́ẹ̀ ohun tó máa mú un pè wá nìyẹn.

A tún fídíò náà gé, ó wá di sẹ́kọ́ńdù 28. A yọ ìkíni kúrò. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ti irun àtijọ́, méjì láti iwájú, méjì láti ẹ̀yìn, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Mẹ́wàá jẹ́ ti iṣẹ́: kóòmù onírù tó ń la orí, ọwọ́ tó ń so atáṣímẹ́ǹtì mọ́ ìdí irun, ẹ̀yìn orí nígbà tí a dé ìdajì, ṣóńṣó irun nínú omi gbígbóná. Lẹ́yìn náà a fi sẹ́kọ́ńdù méjì sílẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Oníbàárà kọ ẹ̀yìn sí wa, aṣọ ìnura bo irun rẹ̀, kò mira. Ní sẹ́kọ́ńdù 16 ló ká aṣọ náà kúrò, tó sì yí padà. Méjìlá tó kù jẹ́ ti wíwò: iwájú, ẹ̀yìn, ìlà orí láti itòsí, àti ojú rẹ̀ nínú dígí. Ní tèmi, ibi tí ó kọjá ìdajì díẹ̀ yẹn ni àyè ìṣíjú. Mi ò fẹ́ kó wọ inú ìdá kan nínú mẹ́ta tó gbẹ̀yìn láé.

Sẹ́kọ́ńdù méjì tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ló máa ń gé e dànù torí wọ́n rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ má gé e. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń wò ó ti ń mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀.

Ìṣíjú tún lè ti bàjẹ́ kó tó dé. Dígí ló sábà máa ń tú àṣírí: a ń ya ọwọ́ tó ń dìrun, irun iwájú tó ti parí sì hàn kedere nínú dígí lẹ́yìn wa. Láti ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ máa ya iṣẹ́, kí ẹ sún mọ́ ọwọ́, kí ojú oníbàárà má hàn rárá títí di ìgbà tó yẹ.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Irun wákàtí márùn-ún, aago mẹ́wàá àárọ̀ lẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, aago mẹ́ta ọ̀sán lẹ parí. Oòrùn ti yí padà, tàbí kí iná ti lọ. Ẹni tó ń wò ó á rò pé ìmọ́lẹ̀ ló yàtọ̀, kì í ṣe irun. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí àga àti ẹsẹ̀ sítáǹdì fóònù wà, mo sì máa ń lo iná kan náà nígbà méjèèjì. Lórí iPhone, ẹ tẹ ojú ibi tí irun wà mọ́lẹ̀ títí tí AE/AF LOCK á fi hàn, kí fóònù má baà máa yí ìmọ́lẹ̀ padà fúnra rẹ̀ bí irun dúdú bá ṣe ń wọ inú àwòrán.

Ti onígbàjámọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Irun ń bọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo ayé, kò sí ohun tí ẹ lè fi pamọ́. Púpọ̀ nínú wọn wá ń yí àga bìrí ní ìparí. Bí iná ò bá pọ̀, yíyí kíákíá yẹn máa ń ba àwòrán jẹ́, ìlà iwájú orí tí ẹ fi abẹ là á sì di èéfín lójú. Inú fífi táwẹ́ẹ̀lì nù ún ni ìṣíjú tiyín wà. Irun kéékèèké ṣì lẹ̀ mọ́ iwájú orí, táwẹ́ẹ̀lì bò ó, ẹ rọra fà á kúrò, ìlà náà yọ. Ẹ dúró síbẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdù mẹ́ta kí ẹ tó yí àga, kí ẹ sì yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Mo tún rí àwọn tó ń mọ̀ọ́mọ̀ da irun oníbàárà rú kí wọ́n tó ya ti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á ní kó fajúro. Ojú ènìyàn máa ń rí i. Ẹ ya irun bó ṣe wọlé, kí ẹ sì tọrọ ààyè, pàápàá bí irun iwájú bá ti jẹ. Bí oníbàárà bá kọ̀, ẹ̀yìn orí nìkan ni mo máa ń yà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìṣíjú á sì bọ́ síbi tó ti gbé gbogbo irun náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tó jẹ́ kó dà sí ẹ̀yìn.