Lẹ́tà aláràbarà tó kó mi ní gbèsè

Òkèlélé, ní Ìlọrin níbí, ni mo ti ń ta aṣọ òkè. Èmi kọ́ ni mò ń hun ún, àbúrò bàbá mi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ni. Tèmi ni kí n ya fọ́tò, kí n gbé e sórí Instagram, kí n sì gbowó. Mo rò pé mo mọ iṣẹ́ náà dunjú, àfi ìgbà tí màmá kan pè mí láti Ọ̀fà: "Ọmọ mi, ṣé pupa lo fi ránṣẹ́ sí mi?"

Màmá yìí kò ríran. Fóònù wọn ló ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sí wọn létí. Fọ́tò mẹ́ta ni mo gbé síta: ẹtù, àlàárì, sányán. Mo kọ nọ́ńbà, orúkọ aṣọ àti iye owó sábẹ́ wọn. Sányán ni ẹbí màmá fẹ́ wọ̀ síbi òkú. Wọ́n gbọ́ nọ́ńbà, wọ́n gbọ́ owó, wọn ò gbọ́ orúkọ. Àbúrò wọn sì ti sọ fún wọn pé 60,000 náírà lòun ra sányán lọ́wọ́ mi, ni wọ́n bá sanwó nọ́ńbà 2. Àlàárì ni nọ́ńbà 2! Sányán ti di 65,000 nígbà yẹn. Irú òwú ọjà kan náà la fi hun méjèèjì, ọwọ́ lásán ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Kí ọmọ wọn tó wọlé, tó rí i, télọ̀ ti gé bùbá.

Mo dá owó padà, mo san owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀. Inú bí mi. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kọ́kọ́ pè mí. Wọ́n ní, "Àwọn tó ríran, ṣé wọ́n máa ń pè ọ́ kí wọ́n tó rà?" Mo dákẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ àpèjúwe tí fóònù máa ń kà sétí ẹni tí kò ríran sí fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí kò le: ẹ wá `alt text` kí ẹ tó gbé fọ́tò síta, tàbí kí ẹ lọ sí `Edit` bó bá ti wà níta. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Mo gbáyà, mo pe màmá. "Mi ò gbọ́ orúkọ kankan, ọmọ mi."

Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Wọn ò gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Mo bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo bú fóònù wọn, díẹ̀ ló kù kí n ní etí wọn ló di.

Lọ́jọ́ kẹta ni mo tan `TalkBack`, ohun tó ń mú kí fóònù ka ojú rẹ̀ síni létí, lórí fóònù tèmi, nínú `Settings`, lábẹ́ `Accessibility`. Ẹni tí kò bá lò ó rí, kó rọra o. Bí ẹ bá fọwọ́ kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan, kíkà ló máa kà á, kò ní ṣí; ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣí, ìka méjì lẹ sì máa fi wọ́ ojú rẹ̀ sókè. N kò mọ èyí, mo jà á títí kí n tó rí i pa, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ mo fetí ara mi gbọ́ ọ. Fóònù pe nọ́ńbà, ó fo orúkọ, ó bọ́ sórí àwọ̀. Lẹ́tà aláràbarà ni mo fi kọ orúkọ! Mo fẹ́ràn àwọn lẹ́tà kíki bí 𝐀𝐋𝐀𝐀𝐑𝐈 yìí, tí wọ́n ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn á wá dà kọ. Lójú wa, ó jọ A. Lójú fóònù, A kọ́ ni, àmì ìṣirò tó jọ A ni. Fóònù kan á fò ó, òmíràn á máa pe orúkọ àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ iléèwé tó ń ka sípẹ́lì. Gbogbo ìgbà tí mo sì ń tún àpèjúwe kọ, inú àkọlé àtijọ́ ni mo ti ń da orúkọ kọ! Ká ní mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ ni, alẹ́ ọjọ́ kan ni ì bá jẹ́.

Mo fi lẹ́tà lásán tẹ̀ ẹ́. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì ló ń ka Yorùbá lórí fóònù màmá, wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀ bí òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, ṣùgbọ́n àwọn gbọ́ àlàárì. Wọ́n tún wá bá mi wí lórí "aṣọ òkè tó rẹwà púpọ̀" tí mo kọ: "Èmi ni màá sọ bóyá ó rẹwà. Sọ ohun tó wà níbẹ̀." Mo kọ pé wọ́n ká a sórí tábìlì, wọ́n ní ṣé tábìlì làwọn fẹ́ rà ni? Ohun tó kù nìyí:

"Nọ́ńbà 2: aṣọ òkè àlàárì. Pupa tó ṣú díẹ̀, ìlà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìró, bùbá, gèlè àti ìpèlé. 60,000 náírà."

Mo rò pé ó tán, àṣé ó ku ọkọ wọn. Ojú bàbá ń ṣe bàìbàì, wọn kì í lo ohùn, lẹ́tà ni wọ́n máa ń sọ di ńlá. `Alt text` ò hàn sí wọn rárá. Iye owó tí mo tún kọ sára fọ́tò náà, bí wọ́n ti ń fẹ̀ ẹ́ ló ń fọ́ lójú wọn. Mo bá da àpèjúwe yẹn kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìpolówó, mo pè é ní "Àpèjúwe fọ́tò". Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀, torí tọkọtaya ló máa ń rí i lò.

Màmá ti padà wá ra sányán. Bùbá pupa tí télọ̀ gé ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ìdajì owó ni mo fẹ́ tà á. Ẹni tó sanra díẹ̀ ló máa bá mu.