Bí fíláàṣì fóònù ṣe sọ 16 di 10 mọ́ mi lójú

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Lóṣù tó kọjá mo sanwó ínfọ́ìsì kan láìṣírò ó, àṣé wọ́n ti ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì mọ́ àròpọ̀ ìsàlẹ̀, ojú mi rí màbo kí n tó gba owó mi padà. Látìgbà yẹn mi ò kí ń sanwó kankan tí mi ò bá tíì ṣírò ẹ̀ fúnra mi, kódà kó jẹ́ fọ́tò ni wọ́n fi ránṣẹ́.

Ti ọ̀sẹ̀ yìí, fọ́tò ni wọ́n fi ránṣẹ́, ìlà márùn-ún péré ni. Mo tẹ iye ọjà sí kọ́lọ́ọ̀mù B nínú spreadsheet, owó ẹyọ kan sí kọ́lọ́ọ̀mù C, mo wá kọ eléyìí sísàlẹ̀, kó fi owó ẹyọ ìlà kọ̀ọ̀kan sọ iye ọjà ẹ̀ di púpọ̀, kó sì ro gbogbo ẹ̀ pọ̀:

```
=SUMPRODUCT(B2:B6,C2:C6)
```

49,350 ló gbé wá. Èyí tí wọ́n kọ sínú ínfọ́ìsì, kí owó orí tó wọ̀ ọ́, 52,230 ni. 2,880 ló fi yàtọ̀. Mo ní wọ́n tún ti dé nìyẹn!

Ibi tó ti gba àsìkò mi nìyí o. Mo mọ̀ pé tí ìyàtọ̀ bá ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, ó lè jẹ́ pé èèyàn ti gbé nọ́ńbà méjì sípò ara wọn, bíi kó tẹ 530 dípò 350. 2,880 sì ṣeé fi 9 pín, 320 gééré, ni mo bá ń wá ibi tí mo ti yí nọ́ńbà po, nǹkan bíi wákàtí kan, mi ò rí nǹkan kan, orí mi ti ń gbóná. Ó "lè jẹ́" ni, kì í ṣe pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́, èmi ni mo rọ̀ mọ́ ọn.

Ìgbà tó sú mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ẹyọ ìlà kọ̀ọ̀kan pín 2,880: 350 ò pín in dọ́gba, 1,250 ò pín in, 2,100 àti 145 náà ò pín in, àmọ́ 480 pín in sí 6 gan-an. Inú mi dùn débi pé mo dìde! Ìlà kẹta ni, páálí mẹ́fà ló sọnù. Mo fa fọ́tò náà tóbi, ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì ti na ìlà yẹn já, ó jẹ orí 6, ó wá ku roboto ìsàlẹ̀ tí mo kà sí 0, bẹ́ẹ̀ roboto yẹn kéré sí 1 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó yẹ kí n ti fura. Owó ìlà náà lápá ọ̀tún ti funfun báláú.

Ká ní mo ti fi owó ìlà kọ̀ọ̀kan wé tiwọn kí n tó ro ó pọ̀ ni, mẹ́rin á bára mu, ẹyọ kan tí mi ò rí ka yẹn ni ǹ bá gbájú mọ́. Ó tún sàn bẹ́ẹ̀, torí àṣìṣe méjì lè pa ara wọn rẹ́ nínú àròpọ̀.

Mi ò kàn yí 10 sí 16 torí kó lè bára mu o. Mo pe ẹni tó kọ ọ́, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, páálí mélòó lẹ kọ síbẹ̀?" Wọ́n ní mẹ́rìndínlógún, wọ́n tún fọ́tò míì yà láìsí fíláàṣì, 7,680 sì hàn kedere. Nígbà tí ọjà dé mo ka páálí náà, 16 pé, mo wá sanwó.