Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé yẹn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ ń wá ilé ọdún tó ń bọ̀ níbí ní Ìlú Ọba, ṣé ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo yín jọ fẹ́ fọwọ́ sí? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gbèsè ẹnì kan di ti gbogbo yín. Ká ní ẹ jẹ́ mẹ́rin, £500 lóṣù lórí kálukú. Bí ẹnì kan bá sá lọ, onílé lè gba £500 tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin yòókù, tàbí lọ́wọ́ onídùúró yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ìpín tiyín nìkan ni onídùúró yín dúró fún.

Ní ti ọlidé, bí ẹ ò bá ní gbénú ilé nígbà náà, ẹ ṣírò gbogbo owó ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa san: £150 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 51 jẹ́ £7,650. £170 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 40 jẹ́ £6,800, ìyẹn ló dínwó. Àmọ́ bó bá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ 40, ẹ bi onílé bóyá ẹ máa kẹ́rù jáde nígbà Kérésì o!